Ìkọ́ṣẹ́ lọ́tọ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀: Ibi tí owó ẹni tó háyà ẹ̀rọ fún módẹ́ẹ̀lì lórí kíláòdù ń gbà lọ

Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe iṣẹ́ tó gba làákàyè fún òun, bíi kíka ìwé àfọwọ́kọ, títú èdè kan sí òmíràn, tàbí fífi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ohun méjì ló máa sanwó fún. Èkíní ni owó kíkọ́ módẹ́ẹ̀lì náà níṣẹ́. Èkejì ni owó lílò ó lẹ́yìn tó ti mọ iṣẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ti àkọ́kọ́ ni yóò ná àwọn lówó jù, nítorí pé òun ni ariwo pọ̀ lé lórí jù. Ṣùgbọ́n fún ilé iṣẹ́ kékeré tó ń lo módẹ́ẹ̀lì tí kò tóbi, ti èkejì ló sábà máa ń sọ àpò di òfìfo, àwọn tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí kì í tètè mọ̀, àfi nígbà tí ìwé owó bá dé lópin oṣù.

Kíláòdù tí wọ́n ń sọ yìí kò ju ilé ńlá tí wọ́n kó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jọ sí lọ, tí wọ́n sì ń háyà wọn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Amazon, Google àti Microsoft ló lórúkọ jù nídìí òwò náà. Ọ̀rọ̀ náà dà bíi jẹnẹrétọ̀ tí ènìyàn háyà fún ayẹyẹ: ẹni tó háyà rẹ̀ kò rà á, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e dé ni owó ti ń kà, yálà wọ́n tan iná tàbí wọn kò tan án. Ẹ̀rọ tó wà ní títàn lórí kíláòdù ń jẹ owó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì

Módẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun mìíràn ju àkójọ nọ́ńbà rẹpẹtẹ lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n á fi àpẹẹrẹ hàn án, á dáhùn, wọ́n á fi ìdáhùn rẹ̀ wé èyí tó tọ̀nà, wọ́n á sì tún nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe díẹ̀ kí àṣìṣe náà lè dínkù. Ìgbésẹ̀ kan nìyẹn. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, wọ́n á sì dáwọ́ dúró. Nígbà iṣẹ́ ní tirẹ̀, wọn kì í tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ìbéèrè á wọlé, ìdáhùn á jáde, nọ́ńbà inú módẹ́ẹ̀lì á sì wà bó ṣe wà. Ó dà bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ìgbà ìkọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ tí yóò parí, tí wọ́n á sì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù tó gbà lẹ́yìn ìyẹn kò ní ọjọ́ tí yóò parí, bí oníbàárà wá o, bí wọn kò wá o.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni yékéyéké, ó dára kí wọ́n fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn bá ní ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láìsí àmì ohùn, tí wọ́n sì ń fẹ́ módẹ́ẹ̀lì tí yóò máa bá àwọn olótùú wọn fi àmì sí i, kò sí ìdí tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Google gbé módẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní mT5 jáde lọ́dún 2020 fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè 101 tí wọ́n fi kọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní mT5-base ní nọ́ńbà tó tó mílíọ̀nù 580 nínú. Iṣẹ́ tó kù fún ilé ìtẹ̀wé náà ni kí wọ́n fi gbólóhùn tiwọn kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí: gbólóhùn tí kò ní àmì ní ọwọ́ kan, gbólóhùn kan náà tó ní àmì ní ọwọ́ kejì. Bí wọ́n bá ní 100,000 irú gbólóhùn méjìméjì bẹ́ẹ̀, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó yẹ fún ìkọ́ṣẹ́

Kọ̀ǹpútà lásán, èyí tó ń fi CPU ṣiṣẹ́, lè ṣe ìṣirò yìí, àmọ́ yóò pẹ́ gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń háyà ẹ̀rọ tó ní GPU, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣirò tó lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn yẹ̀ wò lára GPU ni bí mẹ́mórì rẹ̀ ṣe tóbi tó, nítorí pé bí iṣẹ́ náà kò bá gba inú rẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìṣirò mẹ́mórì náà kò le. Nígbà ìkọ́ṣẹ́, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú módẹ́ẹ̀lì ń gba báìtì 4 fún ara rẹ̀. Ó tún ń gba báìtì 4 fún àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n máa tún un ṣe sí. Ọ̀nà ìtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, tí wọ́n ń pè ní Adam, tún ń pa àkọsílẹ̀ méjì mìíràn mọ́ nípa nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn báìtì 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ báìtì 16. Bí wọ́n bá fi mílíọ̀nù 580 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bíi gígábáìtì 9.3, kí wọ́n tó kó gbólóhùn kankan sínú rẹ̀. Nígbà iṣẹ́, gbogbo àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ti kúrò nílẹ̀. Nọ́ńbà náà nìkan ló kù, báìtì 2 péré sì tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gígábáìtì 1.2 ni gbogbo rẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè nígbà ìkọ́ṣẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ju èyí tó ń béèrè nígbà iṣẹ́ lọ. Nítorí náà, kò sí òfin tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ ọ ni kí wọ́n máa fi lò ó.

Lọ́dọ̀ Amazon, ẹ̀rọ méjì ló sún mọ́ irú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni g4dn.xlarge, tó ní GPU T4 pẹ̀lú mẹ́mórì gígábáìtì 16. Dọ́là 0.526 ni iye tí wọ́n kọ sí i fún wákàtí kan ní us-east-1, ìyẹn ẹkùn wọn tó wà ní Fájíníà nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Èkejì ni g5.xlarge, tó ní GPU A10G pẹ̀lú mẹ́mórì gígábáìtì 24, ní dọ́là 1.006 fún wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ojú owó nìkan wò ó yóò mú ti àkọ́kọ́. Níbi ìkọ́ṣẹ́ mT5, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ṣe àṣìṣe.

Ìdí rẹ̀ ni pé, kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n máa ń fi báìtì 2 dípò 4 ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò náà. Ọ̀nà méjì ló wà láti kọ nọ́ńbà sínú báìtì 2. Èyí tí wọ́n ń pè ní fp16 kò lè gba nọ́ńbà tó bá ju 65,504 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní bf16 lè gba nọ́ńbà tó tóbi jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ péye. bf16 ni Google fi kọ́ mT5, nọ́ńbà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá sì máa ń ju ohun tí fp16 lè gbà lọ nígbà mìíràn. GPU T4 kò ní bf16, A10G ní in. Ẹni tó bá fi fp16 kọ́ mT5 lórí T4 yóò rí i pé, lójú ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ ìwọ̀n àṣìṣe jáde, nọ́ńbà tó yẹ kó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ á ṣàdédé di `nan`, tàbí kó di 0.0 kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní dáwọ́ dúró o. Yóò máa ṣiṣẹ́ lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, owó á sì máa kà, nígbà tí módẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́ láti ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jókòó ti ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún mélòó kan àkọ́kọ́ kó tó lọ sùn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí ìkọ́ṣẹ́ máa jẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú díwọ̀n èyí. Bí wọ́n bá ń kó gbólóhùn 16 wọlé nínú ìgbésẹ̀ kan, 100,000 gbólóhùn á di ìgbésẹ̀ 6,250. Bí wọ́n bá fẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì ka gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó di ìgbésẹ̀ 18,750. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìgbésẹ̀ 100, wọ́n á sì wo aago. Bí 100 náà bá gba ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà, gbogbo iṣẹ́ náà á sì gba wákàtí 7.8. Ní dọ́là 1.006 fún wákàtí kan, kò tó dọ́là 8. Módẹ́ẹ̀lì kì í sábà dára ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà kí wọ́n fi ti ìgbìyànjú mẹ́rin sí i. Dọ́là 31 àti díẹ̀ ni.

Wọ́n tún lè dín ìyẹn kù. Amazon ní ẹ̀rọ tí kò rí oníbàárà, wọ́n sì máa ń háyà rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Spot. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹni tó ń san owó kíkún bá dé, wọ́n á gba ẹ̀rọ náà padà, ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n sì máa ń ṣe. Ìkọ́ṣẹ́ lè fara da èyí bí wọ́n bá ń fi ibi tí iṣẹ́ dé pamọ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀ 500. Ìgbésẹ̀ 500 jẹ́ ìṣẹ́jú 12 àtààbọ̀, ohun tó sì lè ṣòfò kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ kì í ṣe módẹ́ẹ̀lì nìkan, àkọsílẹ̀ Adam wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 7 lẹ́ẹ̀kan. Láàrin ìgbésẹ̀ 18,750, ìfipamọ́ á wáyé ní ìgbà 37, ìyẹn nǹkan bíi gígábáìtì 259. Bí dísìkì tí wọ́n háyà bá jẹ́ gígábáìtì 100, á kún kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, kọ̀ǹpútà á kọ `No space left on device`, gbogbo rẹ̀ á sì dojú dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń kọ sínú ètò náà, `save_total_limit=2`, ló ń jẹ́ kí ó máa pa ti àtijọ́ rẹ́, kí méjì tó kẹ́yìn nìkan máa wà nílẹ̀.

Mítà tí kì í sinmi

Ìkọ́ṣẹ́ ti parí, owó rẹ̀ kò sì ju dọ́là 31 àti díẹ̀ lọ. Ilé ìtẹ̀wé náà wá gbé módẹ́ẹ̀lì sórí g4dn.xlarge kí àwọn olótùú lè máa lò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, T4 kò burú, nítorí pé gígábáìtì 16 rẹ̀ ju ohun tí iṣẹ́ ìdáhùn ń béèrè lọ fíìfíì, ìṣirò onígbáìtì 4 tí kò ní ìṣòro fp16 náà á sì gba inú rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru kí ó lè wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Oṣù kan ní wákàtí 730. Dọ́là 0.526 lọ́nà 730 jẹ́ dọ́là 384. Oṣù kan péré ti ju owó ìkọ́ṣẹ́ lọ ní ìlọ́po méjìlá, ti oṣù tó ń bọ̀ sì tún wà níwájú.

Ẹni tó ń gba náírà kò lè fojú kékeré wo èyí. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú owó náírà sílẹ̀ fún ọjà, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Dọ́là 384 nígbà náà kò tó 177,000 náírà. Lọ́dún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹ̀rọ kan náà, iṣẹ́ kan náà, di 576,000 náírà lóṣù. Kò sí ẹni tó fi kún owó ẹ̀rọ náà, náírà ló yí padà.

Kí ni wọ́n wá ń fi owó náà ṣe? Bí àwọn olótùú bá ń fi 2,000 gbólóhùn ránṣẹ́ lójúmọ́, tí wọ́n sì ti fi aago wọ̀n ọ́n pé ẹ̀rọ náà ń parí 20 gbólóhùn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 100. Ọjọ́ kan sì ní ìṣẹ́jú-àáyá 86,400. Ẹ̀rọ náà ń fi ohun tí kò tó ìṣẹ́jú méjì ṣiṣẹ́, ó sì ń fi wákàtí mẹ́tàlélógún àti ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta dúró de ènìyàn, owó ìdúró náà sì ni wọ́n ń san.

Ìdí tí kíkó iṣẹ́ jọ fi dín owó kù

Módẹ́ẹ̀lì bíi mT5 kì í kọ gbólóhùn jáde lẹ́ẹ̀kan. Ègé ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ló ń kọ. Kó tó kọ ègé kọ̀ọ̀kan, GPU gbọ́dọ̀ tún lọ ka nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì láti inú mẹ́mórì. Bí gbólóhùn kan bá ní ègé 40, ìgbà 40 ni yóò ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ìkàwé yìí ló sì ń gba àsìkò, kì í ṣe ìṣirò. Bí wọ́n bá kó gbólóhùn 16 fún un pa pọ̀, ìkàwé kan ṣoṣo á ṣiṣẹ́ fún mẹ́rìndínlógún, àsìkò tó máa gbà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹyọ kan lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé èrò kan ṣoṣo láti Ìwó Róòdù lọ sí Ọ̀yọ́, epo tó jó kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti ẹni tó gbé èrò kún ọkọ̀.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ. Àṣẹ tí wọ́n fi ń wo GPU, `nvidia-smi`, máa ń kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún jáde lábẹ́ `GPU-Util`. Bí wọ́n bá rí 90 níbẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì lọ háyà èyí tó tóbi sí i. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ kò ju pé iṣẹ́ kan wà lórí GPU fún ìdá 90 nínú àsìkò náà lọ. Kò sọ bóyá ọkọ̀ náà kún. Gbólóhùn kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀kan lè gbé e dé 90. Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n ka iye gbólóhùn tó ń jáde láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀kan ránṣẹ́, kí wọ́n sì tún kà á nígbà tí wọ́n bá fi 16 ránṣẹ́. Bí ti èkejì bá fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀rọ kò kéré, bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni kò dára.

Ta ni yóò dúró de ta?

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ owó wá di ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹ̀rọ ni yóò máa dúró de ènìyàn, tàbí ènìyàn ni yóò dúró de ẹ̀rọ? Ilé ìtẹ̀wé yìí ní ọ̀nà mẹ́ta láti dín dọ́là 384 náà kù, ìyàtọ̀ wọn sì ni bí olótùú ṣe lè ní sùúrù tó.

Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n máa tan ẹ̀rọ náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n sì pa á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Wákàtí 8 fún ọjọ́ 22 jẹ́ wákàtí 176, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 93 dín díẹ̀. Ìdáhùn á ṣì máa jáde lójú ẹsẹ̀.

Èkejì ni kí wọ́n pa GPU tì. Wọ́n lè fún nọ́ńbà inú módẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí báìtì kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lè di nǹkan bíi gígábáìtì 0.6. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún un tó ń jẹ́ CTranslate2. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà onímẹ́mórì gígábáìtì 4 bíi c6i.large á lè gbé e. Dọ́là 0.085 ni wákàtí rẹ̀, ìyẹn dọ́là 62 lóṣù bí wọn kò bá tilẹ̀ pa á rárá. Yóò lọ́ra ju GPU lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ń parí gbólóhùn kan ṣoṣo láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣẹ́ 2,000 gbólóhùn kò ju ìṣẹ́jú 34 lọ lójúmọ́. Ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fò ni kí wọ́n fi gbólóhùn 500 tí módẹ́ẹ̀lì kò rí rí wé méjèèjì, èyí tí wọ́n fún pọ̀ àti èyí tí wọn kò fún pọ̀. Ìfúnpọ̀ lè ba díẹ̀ jẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ní pàtàkì lára ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé àmì nìkan ló ya ìtumọ̀ wọn sọ́tọ̀, bíi ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́.

Ẹ̀kẹta ni kí àwọn olótùú kó iṣẹ́ ọjọ́ kan jọ, kí ẹ̀rọ sì ṣe é lóru. Ẹ̀rọ á tàn, á kó módẹ́ẹ̀lì wọlé, á ṣe 2,000 gbólóhùn, á fi èsì pamọ́, á sì pa ara rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú 15, wákàtí 7 àtààbọ̀ ni fún oṣù kan, nítorí pé ìṣẹ́jú-àáyá ni Amazon fi ń ka irú ẹ̀rọ yìí. Kò tó dọ́là 4. Nígbà tí owó ẹ̀rọ bá sì ti kéré báyìí, ohun mìíràn á yọjú: dísìkì gígábáìtì 100 tí módẹ́ẹ̀lì wà lórí rẹ̀ ń gba dọ́là 8 lóṣù, torí pé ìdádúró ẹ̀rọ kì í dá owó dísìkì dúró. Ibi tí módẹ́ẹ̀lì ń sùn wá wọ́n ju ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Dọ́là 12 ni gbogbo rẹ̀.

Ètò tún wà tó ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ìbéèrè, tó sì ń tàn án bí ìbéèrè bá dé. Cloud Run ti Google ń ṣe èyí pẹ̀lú GPU. Serverless Inference tó wà lára SageMaker ti Amazon náà ń ṣe é, àmọ́ kò ní GPU. Ohun tí ènìyàn fi ń sanwó níbẹ̀ ni sùúrù, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sùn gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi jí, tí yóò sì kó módẹ́ẹ̀lì wọlé tán. Níbi tó ti jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ń wọlé ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ náà lè má sùn rárá, ìrètí owó pọ́ọ́kú á sì já sí asán.

Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn

Ìnáwó tó ń dun ènìyàn jù lọ ni èyí tí kò mọ̀ pé òun ń ná. Ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ tó parí iṣẹ́ ní aago méjì òru ọjọ́ Ẹtì, tí kò sí ẹni tó pa á títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò yàtọ̀ sí iná tí wọ́n gbàgbé sí títàn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ìpaná wà lára iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀:

```
timeout 10h python train.py
aws s3 sync out/ s3://BUCKET/out/
sudo shutdown -h now
```

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí iṣẹ́ má kọjá wákàtí 10, bí ó ti wù kó rí. Èkejì kó èsì lọ sí ibi ìpamọ́. Ẹ̀kẹta pa ẹ̀rọ. Wọn kò fi `&&` so wọ́n pọ̀, nítorí pé àmì yẹn kì í jẹ́ kí ìlà tó tẹ̀lé e ṣẹlẹ̀ bí ti ìṣáájú bá kùnà, ìgbà tí iṣẹ́ bá sì kùnà gan-an ni wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Ìlà kejì kò sì ṣeé yọ kúrò. Dísìkì kan wà tó wà lára g4dn àti g5 fúnra wọn, tó yára gan-an, àmọ́ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ń pòórá nígbà tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fi `out` sórí rẹ̀ láìkó o kúrò, iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ ti bá omi lọ.

Ó tún yẹ kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ náà láti inú `tmux`. Bí iná bá lọ ní Ìbàdàn, tàbí tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já, ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìsí `tmux` lè kú lójú ẹsẹ̀, ìlà ìpaná á sì bá a kú. Ẹ̀rọ tó wà ní Fájíníà ní tirẹ̀ ṣì wà ní títàn, kò sí iná tó lọ níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ ìnáwó tí wọ́n ń pè ní AWS Budgets wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn. Wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ló máa ń wà láàrin ìgbà tí wọ́n bá ka owó kan àti ìgbà tí wọ́n bá tún kà á, ìkìlọ̀ náà lásán kì í sì í pa ẹ̀rọ kankan. Ilẹ̀kùn gidi ni ìwọ̀n tí Amazon fi sí iye ẹ̀rọ tí àkáǹtì kan lè tàn. Àkáǹtì tuntun sábà máa ń ní òdo fún ẹ̀rọ onígi-pí-yù, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó ṣí i, lábẹ́ ohun tó ń jẹ́ `Running On-Demand G and VT instances`. Ti Spot ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀. vCPU ni wọ́n fi ń kà á, g4dn.xlarge àti g5.xlarge sì ní 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá béèrè 4 péré, ní ẹkùn kan ṣoṣo, kò lè tan ju ẹ̀rọ kan lọ níbẹ̀. Bí olè bá tilẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì rẹ̀ níbi tó ti gbàgbé rẹ̀ sínú ètò tó gbé sórí GitHub, GPU tí olè náà lè fi wa owó ayélujára kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó béèrè 96 nítorí pé wọ́n gbà fún un ti ṣí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kò nílò.

Ohun tó kẹ́yìn ni pé ojú ìwé Amazon tó ń fi ẹ̀rọ han ènìyàn, ẹkùn kan ló sábà máa ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n tàn ní ẹkùn mìíràn fún ìdánwò lóṣù tó kọjá kò ní hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní yéé jẹ owó. Inú ìwé owó ni wọ́n ti lè rí i, níbi tí wọ́n ti to ìnáwó ní ẹkùn-sí-ẹkùn. Ilé ìtẹ̀wé tó yan iṣẹ́ òru mọ ohun tó yẹ kó rí níbẹ̀ lópin oṣù: ẹkùn kan, wákàtí tí kò ju mẹ́jọ lọ fún ẹ̀rọ, àti dọ́là 8 fún dísìkì. Bí wákàtí bá ti di 700, kì í ṣe pé àwọn olótùú ṣiṣẹ́ púpọ̀, ẹ̀rọ kan ló wà níbì kan tó ń dúró de ènìyàn.